Ìlà Kẹta Ìwé Táyéwò

Ọdún mọ́kànlélógún ni Táyéwò fi fun fèrè lórí ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1986, ó rí i pé àwọn mọ́tò oríta Pleasure kò ní ọ̀gá. Ló bá gba iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó ń fi fèrè darí wọn.

Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, tánkà epo kan gba fìlà kúrò lórí rẹ̀, Táyéwò sì fun fèrè sí i pé kó padà wá tọrọ àforíjì. Lójú ẹsẹ̀ ni Julius, àbúrò rẹ̀, wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn ní Ìgàndó.

"Ẹ ṣáà fọwọ́ sí ìwé yìí, Dókítà, kí wọ́n tì í mọ́ ibí," ni Julius wí.

"Mi ò kì í fọwọ́ sí ìwé òfìfo jàre," ni Dókítà Olúfúnmiláyọ̀ wí. "Tí n bá máa dá ẹni tí kò fẹ́ dúró dúró, mo gbọ́dọ̀ kọ ewu tó wà níbẹ̀, bóyá ó lè fúnra rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀, àti ọ̀nà tó rọ̀ ju èyí lọ tí a ti wò."

Ó kọ ọ̀rọ̀ tánkà sí ìlà kìíní. Ó wá bi Táyéwò pé, "Bàbá, tí tánkà bá tún dé ńkọ́?"

"Á dúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ayé. Irin ò lè kọlu ẹni tó kọ́kọ́ dé."

Dókítà kọ ọ́ sí ìlà kejì pé Táyéwò gbọ́ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò lè fi ojú ewu wo ewu. Táyéwò na ọrùn wo ìwé náà. "Ẹ fi 'Ọ̀gá' síwájú orúkọ mi."

Ó ku ìlà kẹta, ti ọ̀nà tó rọ̀.

"Mo ti fún un lóògùn nílé," ni Julius wí, "ó tu ú sí mi láṣọ!"

"Àbúrò kì í pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n," ni Táyéwò dáhùn.

Kálàmù dókítà dúró. "Ta wá ni ẹ̀gbọ́n yín?"

Táyéwò wolẹ̀. Julius ló dáhùn. "Kẹ́hìndé ni. Abúlé Ẹ̀gbá ló ń gbé. A kì í bára wa sọ̀rọ̀."

"Ẹ lọ pè wọ́n wá."

Nígbà tí Kẹ́hìndé wọlé, Táyéwò dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Táyé, ta ló rán ẹ wá tọ́ ayé wò?"

"Ẹ̀yin ni."

"O ké pé ó dára, mo tẹ̀ lé ẹ. O ò sọ̀rọ̀ tánkà! Ó dáa, mo tún rán ẹ níṣẹ́: gbé oògùn dókítà yìí mì."

Ó gbé e mì. Julius ya ẹnu sílẹ̀.

Dókítà kọ ọ́ sí ìlà kẹta pé kó máa gbé lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, kí nọ́ọ̀sì máa yà wò ó. Kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tì í mọ́lé. "Pé ó gbà yàtọ̀ sí pé ó yé e," ló wí. "Tó bá tún bọ́ sójú títì, mo mọ ibi tí ìwé yìí wà."

Lẹ́yìn oṣù kan, Dókítà tún bi Táyéwò léèrè ọ̀rọ̀ tánkà.

"Ó lè pa mí," ni Táyéwò fi ìkanra dáhùn.

"Fèrè yín ńkọ́?"

Ó bojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Àwọn ló ń fi pè mí wá loògùn."