Ọ̀rọ̀ “That” Tó Bí Mi Nínú

Ọmọbìnrin kan ní SS2A ló dìde lẹ́yìn tí mo dá ìwé ìdánwò wọn padà.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fagi lé nọ́ńbà keje mi. Ṣùgbọ́n kọ́pà tó ń kọ́ SS2B sọ pé noun clause ni ìdáhùn rẹ̀.”

Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lọ́nà Màlété, kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ẹni tí kì í lanu, kọ́pà ló wá là á lẹ́nu.

Gbólóhùn tí mo fún wọn ni *The news that our visitors had arrived pleased the whole school.* Mo fa ìlà sábẹ́ *that our visitors had arrived*, mo ní kí wọ́n sọ irú clause tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń kọ́ ọmọ ní Ìlọrin pé bí *that* bá ti tẹ̀lé noun, adjective clause ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

“Ta ni tíṣà yín? Èmi ni àbí kọ́pà?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Jókòó!”

Mo gba yàrá àwọn olùkọ́ lọ. Kọ́pà wà níbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà. Mi ò dúró gba ìkíni rẹ̀.

“Ìwọ lò ń sọ fáwọn ọmọ mi pé mi ò mọ̀ ọ́n?”

Ó dìde. “Rárá o, mà. Wọ́n bi mí ni, mo sì dáhùn.”

Ó fa bébà kan, ó kọ *the news that he brought* sókè, ó kọ *the news that our visitors had arrived* sísàlẹ̀.

“Ẹ yọ *that* kúrò, mà. *He brought*: kí ló mú wá? Ọ̀rọ̀ ò tíì parí, torí *that* ló dúró fún *news*, òun ni object *brought*. Ẹ lè fi *which* rọ́pò rẹ̀. Adjective clause nìyẹn. Ṣùgbọ́n *our visitors had arrived* ti parí ọ̀rọ̀. *That* kàn so ó mọ́ *news* lásán ni, ẹ ò sì lè fi *which* síbẹ̀. Clause yẹn ni news náà fúnra rẹ̀. Noun clause ni, in apposition to *news*.”

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń fi Yorùbá rò ó. *Ìròyìn tí ó mú wá. Ìròyìn pé àwọn àlejò wa ti dé.* Ọ̀kan gba “tí”, èkejì gba “pé”. Ta ló jẹ́ sọ “ìròyìn tí àwọn àlejò wa ti dé”? Ẹnu ìyá mi ni mo ti gba ìyàtọ̀ yẹn, kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ló tọ̀nà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n túbọ̀ pariwo.

“O ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Ìwọ tó dé lánàá!”

Àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lárúbáwá ní, “Ẹ fi ṣe sùúrù, nítorí Ọlọ́hun.” Mi ò gbọ́. Mo lọ bá igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní kọ́pà ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gba grammar SS2B lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún mi.

Nígbà tí mo délé, mo tú ìwé grammar tí mo ti ń lò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí kọ́pà sọ wà níbẹ̀, ní orí kan tí olùkọ́ wa fò, tí èmi náà ò padà kà. Mo ju ìwé náà mọ́lẹ̀. Inú olùkọ́ yẹn bí mi, inú ara mi bí mi jù. Ọmọ mélòó ni mo ti fagi lé ìdáhùn wọn tó tọ̀nà?

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú SS2A, mo ní èmi ni mo ṣì í. Mo gba ìwé wọn, mo tún nọ́ńbà keje ṣe fún ẹni méje. Ọmọbìnrin yẹn gba tiẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò tún nawọ́ sókè ní kíláàsì mi mọ́.

Mo ní kí igbákejì ọ̀gá dá grammar padà fún kọ́pà. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti kọ sórí táímùtébù, ó dìgbà tí sáà bá parí. Mo wá lọ bá kọ́pà fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, mo ní kó má bínú.

“Mo ti gbọ́, mà,” ló wí. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Tanke.

Títí ó fi parí ìsìnlú rẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má kí mi, ṣùgbọ́n ìkíni náà ò ju ìkíni lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí èmi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, n ò ní kí wọn rárá.