Ẹ̀sùn Mẹ́tàdínlógún Lórí Ẹja Yíyan

Mo mọ ẹ̀hónú í kọ. Onílé wa ní Lasunwon mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ń bẹ ní Ìkòròdú tó máa ń fọn fèrè ní ìdájí. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì kọ iye ìṣẹ́jú tí fèrè náà fi ń dún síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí jọ́nà kan, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ jáde, fi àpilẹ̀kọ ìwádìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọn máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ọwọ́ yá mi. Ìmọ̀ nípa ẹja ni mo ń kọ́ni ní yunifásítì, bí wọ́n ṣe ń yan ẹja àrọ̀ lẹ́bàá ọ̀sà sì ni àpilẹ̀kọ náà dá lé. Wọ́n ti yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò. Òun náà ò ní mọ̀ pé èmi ni mo yẹ iṣẹ́ òun wò.

Ẹ̀sùn mẹ́tàdínlógún ni mo kà sí i lẹ́sẹ̀. Ìkíní, ó fi kọ́mà síbi tí kò yẹ. Ìkejì, ó ní ọgbọ̀n ẹja lòun wọ̀n, bẹ́ẹ̀ orí ààrò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, àfi bí ẹni bi ọgbọ̀n èèyàn nínú ilé kan léèrè tó wá ní òun ti gbọ́ ohùn gbogbo ìlú. Ìkẹsàn-án ni mo gbádùn jù: “Òǹkọ̀wé yìí gbé ẹja kúrò lórí iná kó tó gbẹ, ó di ọjọ́ kejì kó tó dá a padà. Ó jọ pé oorun ló ń kùn ún.” Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, olóòtú jọ́nà náà pè mí.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ka ìjábọ̀ yín. Ẹ nà án dáadáa.”

“Ó tọ́ sí i, mà.”

“Ó lè tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé náà bá jí lọ́la, kí ni kó ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀?”

Mo wo ìwé mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ téèyàn lè ṣe, àfi kó sunkún.

Ó ní, “Aláyẹ̀wò kejì kọ ìlà méjì péré, kò wúlò fún mi. Ọ̀rọ̀ yín ni mo máa gbé ìpinnu lé. Bó bá ṣe wà yìí, mo máa dá iṣẹ́ náà nù ni. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?”

Mo tún ṣí àpilẹ̀kọ náà. Tábìlì kan wà lójú ìwé kẹfà, níbi tó ti to ìwọ̀n ẹja láti wákàtí dé wákàtí. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá irú ẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹ̀ nínú ìjábọ̀ mi rárá, torí kì í ṣe ẹ̀sùn.

“Ẹ fún mi di Mọ́ńdè, mà.”

Sátidé, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Mi ò fi àpilẹ̀kọ náà hàn án, àṣírí ni. Mo kàn bi í léèrè ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó gbé ẹja kúrò lórí iná kó tó gbẹ, ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹnì kan ni.”

“Ẹni náà ò yan ẹja rí! Bó o bá ń koná mọ́ ọn láìsinmi, ara á le, inú á tutù. O máa gbé e sílẹ̀ kó sinmi, tó bá dọ̀la kó o tó dá a padà. Àbúrò, ṣé nínú fíríìjì ni wọ́n ti kọ́ ẹ níwèé ẹja ni?”

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹja lọ ní tiẹ̀: “Èyí ti rà, iná ò lè tún un ṣe. Èyí ṣì tutù, á padà sórí ààrò.” Kò bú ìkankan nínú wọn.

Mo tún ìjábọ̀ náà kọ. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ náà ń sọ, kí òǹkọ̀wé lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Mo yin tábìlì ojú ìwé kẹfà. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ohun ńláńlá mẹ́rin, mo sì sọ àtúnṣe sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ tún un ṣe lórí ààrò mẹ́ta ó kéré tán, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ pé ààrò kan péré lẹ mọ̀, kí ẹ má fi ṣẹ̀rí fún gbogbo ọ̀sà. Nípa ẹja tó sinmi, mo ní kí ó ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí àwọn òǹkàwé kan lè má mọ̀. Mi ò sọ pé èmi wà lára àwọn òǹkàwé náà. Àwọn nǹkan kéékèèké wá kẹ́yìn, pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà wọn, kọ́mà wà lára wọn. Inú lẹ́tà ọ̀tọ̀ tí olóòtú nìkan máa rí ni mo ti ní kí wọ́n jẹ́ kó tún un ṣe, mo sì jẹ́wọ́ pé ìṣirò ojú ìwé kẹjọ ju ìmọ̀ mi lọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, iṣẹ́ náà padà dé. Ààrò mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Òǹkọ̀wé dá gbogbo ọ̀rọ̀ mi lóhùn níkọ̀ọ̀kan, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, títí ó fi dé orí ọ̀rọ̀ mi karùn-ún: “A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kẹrìnlélógójì lójú ìwé kẹrin. Ó jọ pé ìlà kẹrìnlélógún ni aláyẹ̀wò ní lọ́kàn.”

Mo ṣí ojú ìwé kẹrin, mo ka ìlà níkọ̀ọ̀kan, mo tún un kà. Òótọ́ ló sọ.

Mo kọ̀wé sí olóòtú pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí mo ní fún òǹkọ̀wé: kọ́mà yẹn ṣì wà níbẹ̀.