Màmá Ládépọ̀ àti Kéèkì Tí Kò Fẹ́ Bọ́tà

Bí yìnyín bá ń rọ̀ ní Bramalea, ní Kánádà níbí, gbogbo àdúgbò a dákẹ́ bí ilé tí àwọn ọmọ ti sùn. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé Ládépọ̀ ni mo háyà, níbi tí mo ti ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá láti ojú fèrèsé kékeré kan. Òtútù ibẹ̀ kò dára rárá, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n n kò kó kúrò, nítorí Màmá.

Ìyá Ládépọ̀, tí wọ́n ń bá a gbé lókè ilé náà, ni Màmá tí mò ń wí. Ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kéèkì ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó ládùúgbò yẹn, kéèkì Màmá ni tọkọtaya máa gé. Wọ́n ní ọmọṣẹ́ púpọ̀, wọn kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Tí o bá gbàgbé láti fi bọ́tà pa páànù kí o tó da kéèkì sí i, síbí onígi ló máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá wá mọ iṣẹ́ náà tán, Màmá á ṣe fúríídọ̀mù fún un. Wọn á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọn á súre fún un, á sì máa lọ dá dúró.

Ṣíwọlá, ìyàwó Ládépọ̀, kò sí lára àwọn ọmọṣẹ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ni. Bí ó bá wọ kíṣìnì tí Màmá wà níbẹ̀, a máa wọn iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bù ú sí ọbẹ̀. Màmá kò bú u rí o. Wọ́n kàn máa ń tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò ni, wọn á ní, "Ó dáa." Ẹni tó bá ti ní ìyá ọkọ mọ ohun tí "ó dáa" yẹn túmọ̀ sí.

Nígbà tó yá, àpò òróǹro bẹ̀rẹ̀ sí í da Màmá láàmú. Dókítà ní kí wọ́n yàgò fún òróró, bọ́tà àti pupa ẹyin títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Màmá gbà. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Wọn á jókòó ti fèrèsé, wọn á máa wo yìnyín, wọn á ní ó jọ ṣúgà tí àwọn fi máa ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́. Ọjọ́ ìbí wọn sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ládépọ̀ ní kí àwọn ki àbẹ́là bọ orí ọ̀pẹ òyìnbó. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

"Ládépọ̀, èmi tí mo ṣe kéèkì fún gbogbo Mọ́kọ́lá, ọ̀pẹ òyìnbó ni n óò gé lọ́jọ́ ìbí mi? Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lọ jẹ́ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣíwọlá lára. Ó wá kiri títí ó fi rí kéèkì kan tí wọ́n ń pè ní ti áńgẹ́lì: funfun ẹyin nìkan, ṣúgà, àti fúláwà díẹ̀. Kò sí bọ́tà, kò sí òróró, kò sí pupa ẹyin. Ó ní dandan, Màmá máa jẹ kéèkì.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gòkè lọ ṣa ẹ̀wà mi nídìí tábìlì wọn, nítorí ibẹ̀ móoru ju ọ̀dọ̀ mi lọ. Ṣíwọlá ń ya funfun ẹyin kúrò lára pupa rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí ẹ̀kán pupa bá bọ́ sí i, kò ní hó dáadáa mọ́. Ó fọ páànù, irú èyí tó ní ọ̀pá oníhò láàárín, ó nù ún gbẹ. Ó wá fi funfun ẹyin sílẹ̀ kí òtútù fìríìjì kúrò lára rẹ̀, ó sì gòkè lọ wẹ̀.

Ìgbà náà ni Màmá wọlé. Wọ́n wo páànù, wọ́n rí i pé ó gbẹ táútáú, wọ́n mi orí. Wọ́n bu bọ́tà sí ìka, wọ́n fi pa inú rẹ̀ yí ká, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Má sọ fún un o," wọ́n sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Kí ojú má baà tì í. Ó gbàgbé ni."

Inú mi dùn sí ìwà àgbà yìí. Ta ló sì fẹ́ kọ́ Màmá ní bí wọ́n ṣe ń pa páànù?

Ṣíwọlá padà dé, ó fún lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀ sínú funfun ẹyin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó hó, ó wú. Ó ń bu ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń dán, tó ń yọ ṣóńṣó tó tẹ̀ díẹ̀ lórí. Ó jọ fúláwà lé e, ó sì ń yí i pọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń yí ọmọ tó sùn padà. Kíá ló dà á sínú páànù, nítorí ìfófòó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò fura. Bọ́tà tí Màmá bá pa, ojú kì í tètè rí i.

Nínú ófùnù, kéèkì náà gòkè díẹ̀, ó dúró, ó tún rẹlẹ̀. Nígbà tó jinná, Ṣíwọlá dorí páànù kodò sórí ọrùn ìgò kan. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tí kéèkì náà fi yọ̀ bọ́ sórí káńtà, pọ̀ọ̀! Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ṣíwọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ má bínú. I tried. Ọwọ́ mi ni ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Màmá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ kéèkì náà. Ó ń yọ̀. Wọ́n wo ìka wọn títí. Wọn ì bá dákẹ́ o. Àgbà ni wọ́n, èmi ò sì jẹ́ sọ. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Ṣíwọlá, dìde. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Èmi ni mo fi bọ́tà pa páànù yẹn. Mo rò pé o gbàgbé ni."

Inú bí Ṣíwọlá, mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Kí ló dé tí kò fẹ́ bọ́tà?" Màmá béèrè, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Màmá, kò sí baking powder nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí mo lù sínú ẹyin yẹn ló ń gbé e sókè. Tó bá ń gòkè, ara páànù ló máa dì mú. Tí bọ́tà bá wà níbẹ̀, á kàn máa yọ̀ ni. Bọ́tà tún máa ń pa ìfófòó yẹn. Tó bá sì jinná tán, ó ṣì rọ̀ gan-an, ìyẹn la ṣe ń dorí ẹ̀ kodò títí á fi tutù, kó má baà wó lé ara ẹ̀. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ páànù, ó máa já bọ́ ni."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Háà! Bó ṣe rí nìyẹn. Ta ló máa ń fi òróró pa igi ọ̀pẹ tó fẹ́ gùn?"

Ẹyin ti tán. Mo ní ká ra funfun ẹyin inú páálí, Ṣíwọlá ní wọ́n ti fi iná kan ìyẹn, kì í sábàá hó dáadáa. Bí mo ṣe wọ bàtà òtútù nìyẹn, mo jáde lọ ra ẹyin, mò ń kùn lọ, mò ń kùn bọ̀. Nígbà tí mo dé, Màmá wà nídìí síǹkì. Wọ́n ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ páànù, wọ́n fi lẹ́mọ́ọ̀nù nù ún, wọ́n wá ń fi ìka fa ara rẹ̀ kí ó lè dún. Ọwọ́ tó ti ń fi bọ́tà pa páànù láti ìgbà èwe ló ń fọ bọ́tà kúrò yìí.

Lọ́tẹ̀ yìí, kéèkì náà gun ara páànù títí dé ẹnu. Ṣíwọlá dorí rẹ̀ kodò. Ó dì mú. Màmá gbé àga wọn síwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Yìnyín ń rọ̀ lóde, kéèkì so rọ̀ nínú ilé, ilẹ̀ ń ṣú, kò sì sẹ́ni tó tan iná. Mo tòògbé. Mo rí i pé mo wà ní Mọ́kọ́lá, yìnyín ń rọ̀ sórí òrùlé wọn, ó ń ta sánsán bíi fàníílà, kò sì tutù.

Nígbà tí mo la ojú, Ṣíwọlá ti fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí páànù ká, ó ti gbé kéèkì jáde. Ó gé e fún Màmá. Màmá fi sẹ́nu, wọ́n di ojú. Ṣíwọlá dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń retí "ó dáa".

Màmá jẹ ẹ́ tán. Wọ́n nu ẹnu.

"Ọ̀gá mi," wọ́n ní, "ìgbà wo lẹ máa ṣe fúríídọ̀mù tèmi?"

Ṣíwọlá kúnlẹ̀ gbì. "Háà, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

Ẹkún tún dé. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un títí, wọ́n wá na abọ́ òfìfo sí i.

"Ó tó báyìí. Dìde, kí o bù sí i fún ọmọṣẹ́ rẹ."