Ìwé Tí Kò Lè Dá Mákì

Olùkọ́ òfin ni. Ìyá Ìtàn-Dà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí ohun tó máa ń kọ sí etí ìwé ìdánwò wọn ni: "Òfin rèé, ìtàn tí mo sọ fún ọ dà?" Lọ́jọ́ yìí, ọrùn ń ro ó, ojú rẹ̀ ti pọ́n, òkìtì ìwé ìdáhùn ṣì wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè náà ò le lójú rẹ̀. Baba kan fi ẹ̀rọ ìránṣọ lọ aránṣọ kan, ó sì sọ iye tí yóò tà á. Aránṣọ ní, "Ṣé ẹ lè bá mi gbé e dé ṣọ́ọ̀bù?" Baba ò fèsì, ó ta ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn, kò wí fún un. Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ tí kò gbọ́ nǹkan kan ní òun gbà á ní iye tí baba sọ. Ǹjẹ́ àdéhùn wà?

Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí ibi tí ẹjọ́ wà, kó sọ òfin tó kàn án, kó wá gbé òfin náà lé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ibi kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú.

Ó ṣí ìwé mìíràn. Nọ́ńbà ló wà lórí rẹ̀, kò sí orúkọ, àmọ́ ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà: ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ọmọ náà rí ẹjọ́: ṣé ìbéèrè lásán ni ti aránṣọ, àbí àbá tuntun? Ó ka òfin bí ayékòótọ́: àbá tuntun a máa pa ti àkọ́kọ́, ìbéèrè lásán kì í pa á, ẹni tó bá sì fẹ́ fa àbá rẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó gbà á. Lẹ́yìn náà: "Nítorí náà, àdéhùn wà." Ó parí. Kò mẹ́nu kan aránṣọ mọ́.

Ìyá Ìtàn-Dà gbé ìwé náà fún olùkọ́ kan tí wọ́n jọ ń lo yàrá iṣẹ́. "Ẹ bá mi mákì eléyìí. Ọmọ mi ni, mi ò lè dá a ṣe."

Ọkùnrin náà kà á tán, ó mí kanlẹ̀. "Màdáámù, ó dé ibi tó yẹ, àmọ́ kò rin ọ̀nà débẹ̀. Mo fún un ní gbogbo mákì tó wà fún òfin, síbẹ̀ kò yege."

"Ó ti tó," ló fi dá a lóhùn.

Nílé, ọmọ náà ń fọ abọ́. "Àǹtí, ṣé ẹ ti mákì tiwa? Àdéhùn wà, àbí?"

Èsì ò tíì jáde. Kò gbọdọ̀ sọ. "Jẹ́ kí n jókòó ná, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà tí èsì jáde, ọmọ náà ò pariwo. "Ẹ ti mọ̀, Àǹtí."

"Mo mọ̀."

"A sì jọ ń jẹun."

Láti ìgbà náà, yàrá rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń jẹun. Olùkọ́ ń dá jẹun nídìí tábìlì. Nígbà tó yá, ọmọ náà jáde wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbé ìbéèrè náà síwájú rẹ̀. "Ibo ni mo ti ṣubú?"

Olùkọ́ wá awò ojú rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. "Kí ni aránṣọ sọ gan-an?"

"Ó ní ṣé baba lè gbé e dé ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé ó ní òun ò ní rà á bí baba ò bá gbé e wá?"

Ọmọ náà tún ìbéèrè náà kà. "Rárá. Ó kàn béèrè ni."

"Èyí tó o sọ yẹn ni mi ò rí nínú ìwé rẹ."

Ọmọ náà fa àga, ó jókòó tì í.