Ẹgbẹ̀rún Mẹ́wàá Lọ́sẹ̀

Nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìgàndó, iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ tèmi nìkan: èmi ni mo máa ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Màmá ni mò ń pè é, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé títí mo fi ka ìwé yunifásítì tán. Aṣọ funfun tí àwọn ará ìjọ wa ń wọ̀ lọ sí ilé àdúrà ni ó máa ń rán, ọwọ́ ni ó fi ń rán etí wọn, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Bí òwú bá já, yóò na abẹ́rẹ́ sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. Kì í pè mí. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ kí ó yé èèyàn, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí mo wà ní Barùwá báyìí, ọwọ́ tí ó máa ń nà sẹ́yìn yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù.

Fóònù ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gbé mi kúrò níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa ya fídíò iṣẹ́ àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Fóònù mi àtijọ́ kò lè ṣe é. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún. Èyí tí ó wù mí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà ni fún ẹni tí ó bá san án lẹ́ẹ̀kan. N kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló tún ń san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan? Ẹ fi ogójì sílẹ̀, kí ẹ wá máa san mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Owó ata lásán."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Méjìlá péré. Tí ọjọ́ bá kọjá tí ẹ ò san, fóònù á kàn ti ara rẹ̀ pa. Ẹ bá san, á ṣí. Kò sí wàhálà jàre."

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Síbẹ̀, n kò fi mẹ́wàá sọ méjìlá di púpọ̀, kí n sì fi ogójì kún un. Ká ní mo ṣe é ni, ǹ bá rí i pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ ni mo fẹ́ ra ohun tí iye rẹ̀ jẹ́ ọgọ́fà. Mẹ́wàá nìkan ni ojú mi rí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ ẹni tí kò ní. Mo fẹ́ wọ ilé ìwé yẹn bí olùkọ́ yòókù.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, owó oṣù wa pẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún mi pé ó ku ọjọ́ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá gbójú sókè lórí etí aṣọ tí ó ń fi ọwọ́ rán.

"Ojú rẹ ò dáa. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, mà."

"Tí ó bá wà, sọ ọ́. N kò rán ẹnu rẹ mọ́ aṣọ yìí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gba abẹ́rẹ́, mo fi òwú bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí ó bá mọ̀, yóò wò mí bí ẹni tí òun fi owó ìwé ṣòfò lé lórí.

Mo wá yá owó lórí áàpù kan. Ogún ẹgbẹ̀rún ni mo béèrè. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí owó fi wọlé, ṣùgbọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo rí. Wọ́n ti yọ márùn-ún kúrò lókè, wọ́n pè é ní owó iṣẹ́. Ogún náà ni mo sì gbọ́dọ̀ dá padà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ẹnì kan tí wọ́n lè pè. Ti Màmá ni mo kọ. Mo rò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wá iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó mú ẹni iyì wá. N kò mọ ẹni tí ó níyì jù ú lọ.

Nígbà tí ọjọ́ kẹrìnlá pé, owó oṣù ti dé, fóònù sì ti jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Áàpù ní bí n kò bá lè san án tán, kí n san márùn-ún, wọn yóò fi ọjọ́ méje kún un. Mo san án. Mo rò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Nígbà tí mo wò ó, ogún ló ṣì wà níbẹ̀. Mo tún san márùn-ún lọ́sẹ̀ kejì, ogún náà ni. Ọjọ́ méje lásán ni mo ń rà. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní mọ́. Ọjọ́ kọjá, wọ́n sì ń fi owó ìtanràn kún un lójoojúmọ́.

Nínú ìjọ wa, bí ìsìn Ọjọ́rú bá fẹ́ parí, àwọn tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀ máa ń fi ẹ̀bẹ̀ àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá, nítorí pé òun ni ìyá ìjọ. Kò gbọ́ òyìnbó. Bí ó bá ti rí nọ́ńbà tí kò mọ̀, akọ̀wé ìjọ ni ó máa ń gbé fóònù fún, kí ó kà á sókè, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ní Ọjọ́rú yẹn, bàbá akọ̀wé wọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ kan dé," ó ní. "'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún ọmọ yín...'" Ó pe orúkọ mi. Àwọn kan ti ń ṣe àmín. "'...pé olè ni. Ó gba owó wa, ó sì sá...'"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Gbogbo wa wà láìwọ bàtà lórí ẹní, n kò sì ríbi gbé ẹsẹ̀ mi sí.

Màmá gba fóònù rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Èmi ni mo jẹ wọ́n lówó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Nílé, ó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ fún òun. Fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo rí gbà, ohun tí a san tán lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Owó tí ó fẹ́ fi ra aṣọ funfun fún ọdún ìkórè ni ó mú jáde. Kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ṣé èmi ni o kò lè yá owó lọ́wọ́ mi, tí o wá fún wọn ní nọ́ńbà mi?"

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin kan rọra sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ má kọ nọ́ńbà tèmi síbì kankan o." Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, wọn ò fi bú mi, ṣùgbọ́n n kò lè jókòó ti Màmá mọ́. Ní òpin oṣù, mo kó lọ sí Barùwá. Mo sọ fún un pé nítorí iṣẹ́ ni. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń rán aṣọ lọ.

Ẹgbẹ̀rún méjì ni mò ń san fún un lọ́sẹ̀. Bí mo bá pè é, mo máa ń bi í pé ta ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá," ó máa ń wí.

Owó ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, n kò fi ránṣẹ́. Mo mú un dání lọ sí Ìgàndó ní ọ̀sán Sátidé. Ó gba owó náà, ó fi í sábẹ́ agolo bọ́tìnnì, ó padà sídìí aṣọ tí ó ń fi ọwọ́ rán. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, lórí àpótí mi àtijọ́. Nígbà tí ó yá, òwú já. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi fèrèsé, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbà á, ṣùgbọ́n mo rò pé n kò ní ẹ̀tọ́ sí i mọ́.

"Ṣé wàá máa wò mí ni?" ó ní.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó na abẹ́rẹ́ sí mi.