Dọ́là Tó Gba Ọwọ́ Fọláránmi Kọjá

Fọláránmi Àjàgbé kì í ṣe olè. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kì í ṣe olè kì í sì í sábà ní láti sọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń gbé nílé bàbá rẹ̀ ní Ìrémọ, ní Ifẹ̀, nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, tó ti ra tábìlì, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn méjì sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ fídíò tí obìnrin kan ní Toronto fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní oúnjẹ sísè, kó sì máa kọ gbogbo ohun tí obìnrin náà bá sọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Obìnrin náà kò mọ Ifẹ̀, Fọláránmi náà kò mọ Toronto, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọgọ́jọ dọ́là á wọlé.

Áàpù kan ló fi ń gbà á. Áàpù náà fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì kan ní Amẹ́ríkà, lórúkọ òun fúnra rẹ̀, tí ẹni tó wà lókè òkun lè sanwó sí láìsí wàhálà. Bí owó bá ti wọlé, á ti dọ́là náà sí àkáǹtì Rasheed, ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó nítòsí Ẹnuwá, Rasheed á sì fi náírà ránṣẹ́ sí i ní báǹkì kí omi tó hó lórí iná.

Bàbá Lágúnjú ń gbé ní òdìkejì títì. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì kọ́ Fọláránmi ní ìṣirò ní kíláàsì kẹfà. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kì í dé lásìkò, bó bá sì dé, kì í tó nǹkan. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin, Tinúadé, bá wọn wá àwọn ìdílé mẹ́ta ní Houston tó fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ náà lórí fóònù, ogójì dọ́là lóṣù fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku bí owó á ṣe dé Ìrémọ. Báǹkì ní kí wọ́n tó lè ṣí àkáǹtì dọ́là, kí wọ́n lọ mú ẹlẹ́rìí méjì wá, àwọn tó ní àkáǹtì kọ́ràǹtì. Ìgbà tí Bàbá ti báǹkì dé tí wọ́n ń nu òógùn, Fọláránmi ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ jẹ́ kó máa gba ọ̀dọ̀ mi wọlé."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Apá ìparí ọdún 2022 là ń wí yìí, nígbà tí dọ́là ṣì ní iye méjì: iye tí báǹkì ń pè é, àti iye tí gbogbo èèyàn ń tà á. Lóṣù kìíní tí owó náà wọlé, Bàbá bi í pé èló ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Fọláránmi wo fóònù rẹ̀, ó rí iye ti báǹkì, ó sì fi han Bàbá. Kò tíì pinnu nǹkan kan nígbà náà. Bàbá gbé jígí sójú, wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Ẹ̀yìn àdúrà yẹn ni Fọláránmi lọ tà á fún Rasheed ní iye ti ìta, tó sì rí i pé nǹkan kan ṣẹ́ kù sí òun lọ́wọ́.

A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Ti Fọláránmi kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò pa irọ́ kankan. Òótọ́ gan-an ló fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ó ní owó wàhálà òun ni, owó dátà ni, ta ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láyé yìí? Bó bá sì béèrè owó wàhálà lọ́wọ́ Bàbá, wọn ì bá fún un, wọn ì bá tún dúpẹ́. Kò béèrè. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹfà tí owó náà ti ń wọlé, ó wọ ilé ìdáná wọn, ó sì bá ìyàwó Bàbá tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì méjì kó lè dé ìparí oṣù. Ó kí wọn, ó bu omi mu, ó jáde. Kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀lé e, iye ti báǹkì náà ló tún fi han Bàbá.

Ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, áàpù ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò gùn. Wọ́n ní ó sọ fún àwọn pé iṣẹ́ fídíò lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n owó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́ta tí wọ́n ń kọ ọ́ sí i pé owó ẹ̀kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ Bàbá Lágúnjú ni. Ta ni Lágúnjú? Kò sí àyè kí ẹnì kan máa gba owó ẹlòmíì sínú àkáǹtì tirẹ̀. Kó fi ìwé tí Lágúnjú fọwọ́ sí ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tí yóò sọ iṣẹ́ tí owó náà wà fún àti pé ó tẹ olówó lọ́wọ́. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí Fọláránmi kò tíì tà wà nínú àkáǹtì náà, ti Bàbá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó sáré sọdá títì. Ojú rẹ̀ kò sí lára nǹkan mìíràn ju owó tí wọ́n tì mọ́lé lọ. Bàbá gbọ́ ọ dópin, wọ́n fa ìwé yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí gbogbo Ìrémọ mọ̀ wọ́n mọ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kà á sókè, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó wọn tó jókòó nítòsí.

"Mo ní èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Mo ní Fọláránmi ń bá mi gba owó náà nítorí pé n kò ní àkáǹtì dọ́là. Mo wá ní ọmọ mi ni, oṣooṣù ló sì ń kó owó náà fún mi, kò yọ kọ́bọ̀ kan rí."

"Àmín o," ni ìyàwó wọn wí, bí ẹni pé àdúrà ni.

Bàbá na ìwé náà sí i. Àwọn ará áàpù kò béèrè iye tó ṣẹ́ dọ́là. Kó ya àwòrán lẹ́tà náà, kó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Fọláránmi tiẹ̀ yọ fóònù. Ó gbé e sókè orí ìwé náà, ó sì rí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú gíláàsì fóònù, ó tóbi, ó sì mọ́lẹ̀ kedere. Ojú tì í, ó gbé fóònù náà sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ibì kan rẹ́ níbẹ̀."

"Mo ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni?"

"Rárá, sà. Ibi tí ẹ ti ní n kò yọ kọ́bọ̀ kan."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. "Ẹni bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún un."

Ó wá di dandan kó ṣàlàyé. Ó sọ ti iye méjì, ó sọ ti Rasheed, ó ń wo ẹsẹ̀ tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́. Kò dárúkọ owó wàhálà. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá díẹ̀díẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, wọ́n gbé bírò lé e lórí, wọ́n sì tì í síwájú rẹ̀.

"Báǹkì ní ọ̀tàlénírinwó. Ìta ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogójì, sà."

"Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ó ku igba ó lé ọgọ́rin náírà lórí dọ́là kan. Wọ́n ní kó fi ọgọ́fà dọ́là sọ ọ́ di púpọ̀, ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó fi oṣù mẹ́jọ sọ ọ́ di púpọ̀. Ó sọ èyí náà. Wọ́n ní kó ka ìdáhùn rẹ̀ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe ní kíláàsì.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé méjìdínláàádọ́rin, ó lé ẹgbẹ̀rin náírà."

Bàbá yẹ ìṣirò náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. "O gbà á," ni wọ́n wí. Ìyàwó wọn dìde, wọ́n wọlé lọ. Ì bá sàn fún Fọláránmi kí wọ́n gbá a létí.

Bàbá fa ìwé mìíràn yọ. Wọ́n tún lẹ́tà náà kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àfi ti kọ́bọ̀ kan yẹn tí wọ́n yọ kúrò àti ọ̀rọ̀ kan, "ọmọ mi", tí wọ́n fi "aládùúgbò mi" rọ́pò. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àkáǹtì ṣí, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bó bá tún gba owó ẹlòmíì, yóò tì pátápátá ni. Bàbá ti ń wá ẹlẹ́rìí méjì ti báǹkì kiri nígbà náà. Fọláránmi ní àkáǹtì kọ́ràǹtì, Bàbá sì mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti fi yangàn níwájú wọn rí. Síbẹ̀, wọ́n rìn dé Ìlárè lọ bẹ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kó gbogbo owó náà lọ fún wọn pẹ̀lú ti oṣù yẹn, gbogbo rẹ̀ ní iye ti ìta. Ó gba ẹ̀yìnkùlé bó ṣe máa ń gbà láti kékeré, ṣùgbọ́n ìyàwó Bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n sì fi sùúrù júwe pálọ̀ fún un. Wọ́n ní kó jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Wọ́n gbé ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan wá lórí tírè, pẹ̀lú ife tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí táwẹ́lì funfun. Bàbá wọ agbádá jáde sí i. Wọ́n ka owó náà lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Àjàgbé," ni Bàbá wí, ohùn wọn sì tutù, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. "Mu mọ́ọ̀tì rẹ."

Ó mu ún, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Nígbà tó dìde, Bàbá náà dìde, wọ́n sì sìn ín jáde títí dé etí títì, bí a ṣe máa ń sin àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n dúró, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kó bá àwọn kí ará ilé. Ó dúpẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sọdá títì wọ ilé rẹ̀, tí Bàbá ṣì dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń juwọ́ sí i.