Àdánù Tí Màmá Mi Ní Kí A Fò

Ọ̀pọ̀ ọdún ni màmá mi fi ta aṣọ ní Kútọnu. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dúró látàárọ̀ dalẹ́ mọ́, ó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó sì kó wá sọ́dọ̀ mi ní Kalaví. Mo rò pé ó wá sinmi ni. Kò pẹ́ rárá tó fi bi mí léèrè pé kí ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń rà lórí fóònù tí wọ́n fi ń hó yèè bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un pé owó kíríptò ni, owó tí kò sí ní bébà, tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ìgbì òkun.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ń rà á, wọ́n sì ń tà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Òwò nìyẹn nígbà náà. Kọ́ mi."

Ohun díẹ̀ tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti kọjá mi. Ó máa ń rà nígbà tí gbogbo ayé bá ń sunkún, á sì tà nígbà tí wọ́n bá ń jó, bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú aṣọ láyé ọjọ́un. Ọjọ́ tó bá jèrè, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́. Á ra ẹja ńlá, á pe àwọn aládùúgbò, á sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò gbọ́ ọjọ́ kan rí kó sọ pé òun pàdánù. Mo rò pé kò pàdánù rí ni.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ fi èrè òun ra ilẹ̀ kékeré kan ní Ekpè. Ó ta púpọ̀ nínú ohun tó ní lórí fóònù, ó gbé owó náà sí báǹkì. Àwọn ará báǹkì pè é wọlé. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ bi í pé níbo ni owó yìí ti wá, wọ́n sì ní kó mú ìwé wá. Bó ṣe jáde sí mi níta, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n rò pé mo jalè," ni ó wí. "Ní ọjọ́ orí mi yìí! Ṣé mo tilẹ̀ lè sáré?"

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ oníṣirò owó kan ní Godomey nìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kétu kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà táyà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá mi, ó sì ṣàlàyé pé òfin ilẹ̀ wa kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa irú owó yìí ní pàtó, ṣùgbọ́n èrè ni èrè, ó sì dára kí a fúnra wa gbé e lọ sí ilé owó orí ju kí wọ́n wá bi wá lọ. Ìwé tí wọ́n bá fún wa níbẹ̀ ni a ó sì mú lọ sí báǹkì.

Ó ní kí a gba gbogbo àkọsílẹ̀ òwò náà jáde láti orí ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń lò. Ohun tó ń wá lórí títà kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: ọjọ́ tí a rà á, iye tí a fi rà á ní owó sẹ́fà ní ọjọ́ náà, owó iṣẹ́ tí ọjà yọ, ọjọ́ tí a tà á àti iye tí a tà á. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣírò gbogbo rẹ̀. Èrè tó jáde tóbi débi pé mo gbá orí mú.

Màmá mi ní, "Ta ló ni gbogbo èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Bí mo bá ní tó báyìí, n kì bá máa gun ọ̀kadà sẹ́mì wá síbí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi ní àpò owó méjì, ọ̀kan lórí ọjà náà, èkejì nínú fóònù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbé owó láti inú ọ̀kan sí èkejì ni kọ̀ǹpútà ń kà sí títà.

Màmá mi ní, "Ta ni mo tà á fún? Èmi fúnra mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Gbígbé owó láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì kì í ṣe títà."

Ó wá ìjáde àti ìwọlé owó tó bára wọn mu ní méjì méjì, ó yọ wọ́n kúrò. Èrè náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti kan ìlà kan tí màmá mi fọwọ́ bò lójú kọ̀ǹpútà.

"Fo ìyẹn," ni ó wí.

"Kí ni, Màmá?"

"Mo ní kí o fò ó, ọmọ mi."

Owó kan tí wọ́n ya ajá sí lára ni. Ó ti fi owó gidi rà á, ó jábọ́, ó sì tà á ní owó tí kò tó nǹkan. Mo yíjú sí i. Ojú ń tì í, òun tí mo mọ̀ tó ń bá àwọn olówó aṣọ jà láìwo ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ọjọ́ náà ni mo ní orí ń fọ́ mi. Oníṣòwò kì í fi àdánù kí oníbàárà káàárọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fà sún mọ́ ọn. "Màmá, èmi kì í ṣe oníbàárà yín. Bí a bá kọ èrè nìkan, irọ́ la pa, a ó sì fi owó yín san irọ́ náà. N ó fi èrè àti àdánù sójú kan, n ó sì kọ bí mo ṣe ṣe é. Ilé owó orí ni yóò sọ èyí tí wọ́n gbà."

Màmá mi tún gèlè rẹ̀ wé, nígbà tó sì ṣetán, ó la ẹnu rẹ̀. Ìgbà náà ni a gbọ́ gbogbo rẹ̀: ti ajá, ti èyí tí ọmọ aládùúgbò sọ fún un, ti èyí tó rà nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, títí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń nu ojú.

Inú rẹ̀ wá dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. "Ọ̀kan tún wà!" ni ó wí. "Ó ṣì wà nínú fóònù mi, iye rẹ̀ ti di ìdajì."

"Ẹ ti tà á?"

"Rárá, mo ń dúró dè é."

"A ò lè kọ ìyẹn, Màmá. Ẹ kò tíì pàdánù rẹ̀ lórí ìwé. Bó bá tún gòkè lọ́la ńkọ́?"

"Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí báyìí!"

"Ilé owó orí kì í ka ohun tó ń dùn yín."

Obìnrin tó gbà wá ní ilé owó orí fara balẹ̀ ka ìwé náà, ó wọlé lọ bi ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà wá. Ó fi èdè Fọn bi màmá mi pé ṣé lóòótọ́ ló ta ajá náà. Màmá mi dá a lóhùn ní èdè Fọn pé òun tà á, pé ká ní ajá gidi ni, ì bá ti bu òun jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n gbà kí a yọ àdánù èyí tó ti tà kúrò nínú èrè rẹ̀. Ó san owó orí lórí ohun tó ṣẹ́kù, kò sì kùn, nítorí ó kéré ju èyí tó ń bà wá lẹ́rù lọ. Báǹkì gba ìwé náà, ilẹ̀ Ekpè sì di tirẹ̀.

Nísinsìnyí, bó bá rà tàbí tó tà, ojú ẹsẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ta aṣọ tẹ́lẹ̀ wá kí i, ọ̀kan sì bi í bóyá òwò orí fóònù náà lérè. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń retí ìtàn ẹja ńlá.

Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́: "Ẹ jókòó dáadáa. Ibi tí mo ti pàdánù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀."